Ẹsẹ̀ mẹ́ta, lílù kan, àti ìlà mítà mẹ́fà: bí a ṣe ń ka háńdìbọ́ọ̀lù lórí pápá ilé-ìwé

Okun o, ẹ̀yin tíṣà eré ìdárayá, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n kàn máa ń ki fèrè bọ̀ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje. Láti Kábà dé Ìyàrá, láti Mọpà dé Ẹ̀gbẹ̀, ariwo méjì ló sábà máa ń sọ háńdìbọ́ọ̀lù dìjà. Ọ̀kan ni "Ó ti rìn!" Èkejì ni "Ó ti tẹ ìlà!" Ibì kan náà ni ariwo méjèèjì sì ti máa ń ṣẹlẹ̀, ìyẹn ìwọ̀nba ilẹ̀ tó wà níwájú góòlù, níbi tí ẹni tó ń bọ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù ti ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ilẹ̀ sì ti ń tán lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ kí a dúró sí lónìí.

Ẹ kọ́kọ́ fa ìlà náà kó tọ́

Ilẹ̀ tí kípà ń ṣọ́, tí ẹlòmíì kò gbọdọ̀ wọ̀, mítà 6 ni jíjìn rẹ̀ sí góòlù. Ohun tí mo máa ń rí ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa ni pé wọ́n á kan èèkàn mọ́ àárín góòlù, wọ́n á so okùn mítà 6 mọ́ ọn, wọ́n á sì fi yí ilẹ̀ po. Ó dà bí ẹni pé ó dáa, ṣùgbọ́n kò dáa. Góòlù fẹ̀ tó mítà 3, nítorí náà okùn tó bá ti àárín góòlù wá máa fi ìlà sí mítà 4 ààbọ̀ péré sí òpó ní ẹ̀gbẹ́, dípò mítà 6. Mítà kan ààbọ̀ ni wọ́n ti fi ta ẹni tó ń gbá ní ìyẹ́ lọ́rẹ yẹn. Kípà yín á kàn máa rò pé òun ni òun ò mọ̀ ọ́n gbá.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Kí ẹnì kan di etí okùn mú mọ́ igun ẹ̀yìn òpó kan, lápá inú. Kí ẹnì kejì na okùn náà tàn-ìn dé mítà 6 sí ẹ̀gbẹ́, lórí ìlà ẹ̀yìn pápá, kó sì fi igi ha ilẹ̀ bọ̀ títí tó fi máa dé iwájú òpó yẹn gan-an. Ìdá kan nínú mẹ́rin òbìrípo lẹ máa rí. Ẹ ṣe bákan náà ní òpó kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìlà gbọọrọ mítà 3 so orí méjèèjì pọ̀ níwájú góòlù. Tí ibi tí ìlà kan parí sí kò bá jìnnà sí ti èkejì ní mítà 3 géérégé, okùn ti dẹ̀ níbì kan, ẹ tún un wọ̀n.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í kà sí. Etí ìta ìlà ni mítà 6 yẹn, kì í ṣe àárín rẹ̀. Nítorí náà, inú ibi tí igi ha, sí ìhà góòlù, ni kí ẹ da eérú sí, kó fẹ̀ bí ìka mẹ́ta tí a tò pọ̀, torí sẹ̀ǹtímítà 5 ni fífẹ̀ ìlà. Ìlà fúnra rẹ̀ jẹ́ ara ilẹ̀ kípà. Ẹni tó bá tẹ eérú ti wọlé. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi omi díẹ̀ po eérú náà kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ kí ìdajì eré tó pé. Ẹ má fi ọkọ́ gbẹ́ ìlà. Mo mọ̀ pé kì í tètè parẹ́, àmọ́ kòtò kékeré lórí ilẹ̀ pupa tó ti le máa ń yí ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ ẹni.

Ẹ béèrè ibi tí ẹsẹ̀ wà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà

Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni òfin gbà fún ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn kò ṣòro. Ibi tí kíka ti ń bẹ̀rẹ̀ ló ń da àwọn ènìyàn láàmú, torí wọ́n máa ń ka gbogbo ìgbà tí bàtà bá kan ilẹ̀ látìgbà tí bọ́ọ̀lù ti dé ọwọ́. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ni pé: nígbà tí bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ ọmọ yìí, níbo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà?

Tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wà nílẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ gbé tó sì gbé kalẹ̀ ni ẹsẹ̀ kìíní. Tó bá wá wọ́ ẹsẹ̀ kejì bọ̀ wá bá a, wíwọ́ yẹn kò jẹ́ nǹkan kan. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ló wà nílẹ̀ nígbà tó gbá bọ́ọ̀lù mú, ẹsẹ̀ kejì tó máa kan ilẹ̀ ni kìíní.

Èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni ẹni tó fò sókè kó tó gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sí i. Nígbà tó bá balẹ̀, bóyá ẹsẹ̀ kan ló fi balẹ̀ ni o tàbí méjèèjì pa pọ̀, a kì í ka bíbalẹ̀ yẹn. Òfo ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kìíní, èkejì àti ẹ̀kẹta á tó wá. Ìdí nìyẹn tí bàtà ọmọ tó mọṣẹ́ fi lè kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lẹ́yìn tó gba bọ́ọ̀lù, tí rẹ́fírì tó mọṣẹ́ kò sì ní fun fèrè. Àwọn òǹwòran á ké. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ké. Ṣùgbọ́n tó bá fi ẹsẹ̀ kan balẹ̀ tó sì tún fi ẹsẹ̀ kan náà yẹn ta kẹ́ẹ́, ìtakẹ́ẹ́ yẹn ti di kìíní.

Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ kí ẹ̀kẹrin tó kan ilẹ̀. Ó lè gbé ẹsẹ̀ kẹrin sókè. Kíkan ilẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ kẹta fò sókè, kó ju bọ́ọ̀lù lófuurufú, kí ohunkóhun má ṣẹlẹ̀, nìyẹn.

Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta tún wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó dúró gbagidi pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tí kò gbé ẹsẹ̀ kankan kò lè dì í mú kọjá ìyẹn, kódà bó bá ṣubú tó sì sùn lé e lórí. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ẹsẹ̀ ló sábà máa ń tán kí àkókò tó tán.

Lílù: ẹ̀ẹ̀kan ni ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń ṣí

Ẹni tó gba bọ́ọ̀lù lè lù ú mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó sì tún gbá a mú, tàbí kó máa fi ọwọ́ kan lù ú lọ léraléra bó bá ṣe wù ú. Níwọ̀n ìgbà tí bọ́ọ̀lù kò bá sí lọ́wọ́, ẹsẹ̀ kò níye. Ó lè sáré láti góòlù kan dé èkejì. Nígbà tó bá gbá a mú, ìṣirò ẹsẹ̀ mẹ́ta tuntun bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta tuntun náà bẹ̀rẹ̀, àmọ́ lílù ti parí. Kó jù ú sí ẹlòmíì, tàbí kó jù ú sí góòlù. Tó bá tún lù ú, fèrè.

Ẹ lè wá tò ó báyìí: gbígbà, ẹsẹ̀ mẹ́ta ó pẹ́ jù, lílù, gbígbámú, ẹsẹ̀ mẹ́ta ó pẹ́ jù, jíjù. Òun ni gbogbo ohun tí ènìyàn kan lè ṣe pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kó tó kan ẹlòmíì. Tó bá jù ú tó sì kan ọ̀tá tàbí òpó góòlù tó padà wá bá a, gbogbo rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ má sì fi ìyà jẹ ọmọ tí bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù sí i tí kò rí i mú dáadáa, tó ta mọ́ ọn lọ́wọ́ tó bọ́ sílẹ̀, kò tíì lù ú. Ó lè hé e, kó sì tún lù ú lẹ́yìn náà. Ohun tí ẹ máa wò ni bóyá ó ti kọ́kọ́ kápá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ti kápá rẹ̀, tó wá fúnra rẹ̀ tì í sílẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ lílù, ì báà jẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ló fi tì í tàbí orúnkún.

Àwọn ọmọ tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tipẹ́ ní àṣà tiwọn: bọ́ọ̀lù tó bá ń yí bọ̀, wọ́n á fẹ́ fi àtẹ́lẹsẹ̀ dá a dúró. Láti orúnkún lọ sókè ni òfin gbà. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ orúnkún kò gbọdọ̀ kàn án, àfi bó bá jẹ́ ọ̀tá ló jù ú lu ẹsẹ̀ ẹni.

Lérò tèmi, lórí pápá wa tó ní òkúta wẹ́wẹ́, kí a dín lílù kù. Bọ́ọ̀lù tó bá lu òkúta kò ní padà sọ́wọ́, yóò ya sí ẹ̀gbẹ́, ẹni tó ń ṣọ́lé á sì gbé e lọ. Ọmọ tó bá mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kà dáadáa kì í nílò ju lílù kan lọ nítòsí góòlù.

Ìlà fún ẹni tó ń wá góòlù

Ilẹ̀ ni òfin kà, kì í ṣe òfuurufú. Ẹni tó bá fò láti ìta ìlà lè wà lókè ilẹ̀ kípà bó ṣe wù ú, kó gba bọ́ọ̀lù níbẹ̀, kó jù ú níbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ̀yà ara rẹ̀ kankan tó kan ilẹ̀. Tó bá wá balẹ̀ sínú lẹ́yìn tó ti jù ú, kò sí ẹ̀ṣẹ̀, kó ṣáà tètè jáde láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tó ti mọra dáadáa máa ń ju bọ́ọ̀lù sókè ilẹ̀ kípà fún ẹnì kejì wọn láti fò mú, kó sì jù ú wọlé kó tó balẹ̀. Ó dùn ún wò, ó sì bófin mu.

Ṣùgbọ́n tí orí ìka ẹsẹ̀ bá kan eérú nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́wọ́, ó parí. Kípà á gbé bọ́ọ̀lù, á sì jù ú jáde. Bákan náà ni fún ẹni tí kò ní bọ́ọ̀lù tó gba inú ilẹ̀ kípà kọjá láti lọ fara hàn ní òdìkejì: ó ti jàǹfààní ọ̀nà àbùjá. Ẹni tó kàn ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ tí kò sì rí èrè kankan níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Bọ́ọ̀lù tó bá ń yí tàbí tó dúró sórí ilẹ̀ yẹn ti di ti kípà. Kò sí ẹni tó lè dúró ní ìta kó na ọwọ́ wọlé láti fà á jáde, ì báà jẹ́ ará ilé tàbí ọ̀tá. Èyí tó wà lófuurufú nìkan ni ọwọ́ ẹlòmíì lè kàn.

Ìlà fún ẹni tó ń ṣọ́lé

Ibí ni òfin ti yàtọ̀ díẹ̀, ó sì jẹ́ ibi tí rẹ́fírì wa ti máa ń ṣàṣejù tàbí kí wọ́n dákẹ́ jù. Ẹni tó ń ṣọ́lé kò ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, nítorí náà títẹ ìlà lásán kò tó fun fèrè sí. A fẹ́ rí i pé ó wọlé kedere, àti pé wíwọlé yẹn ṣe é láǹfààní.

Kí nìdí tó fi máa fẹ́ wọlé? Ẹni tó ń kọlù ń fò láti etí ìlà. Tí ẹni tó ń ṣọ́lé bá sún sẹ́yìn sínú ilẹ̀ kípà, ó rí ààyè àti àkókò díẹ̀ sí i láti na ọwọ́ sókè. Ìgbésẹ̀ kan péré ni, ṣùgbọ́n ó tó láti dí bọ́ọ̀lù. Nítorí náà ohun méjì ló wà níbẹ̀. Tó bá wọlé tó jàǹfààní, ṣùgbọ́n tí góòlù kò tíì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀, fírìtíróò ni fún àwọn tó ń kọlù, wọ́n á sì jù ú láti ẹ̀yìn ìlà onígégé-gégé mítà 9. Tó bá jẹ́ pé góòlù ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, tó fi wíwọlé bà á jẹ́, jíjù mítà 7 ni, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní pẹ́náritì.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń ṣọ́lé kì í rántí. Wọn kò lè mọ̀ọ́mọ̀ ju bọ́ọ̀lù padà fún kípà wọn nínú ilẹ̀ rẹ̀. Bí kípà bá fọwọ́ kàn án, tàbí bọ́ọ̀lù náà bá dúró síbẹ̀, fírìtíróò ni fún ọ̀tá. Èyí yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń dí lọ́wọ́, tó ta lára wọn lọ bá kípà; ìyẹn kò ní ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù kan dé góòlù

Ká ní nọ́mbà 9 wà lápá òsì, ó jìnnà díẹ̀ sí ìlà mítà 9, ọwọ́ ọ̀tún ló sì ń lò. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí i láti àárín. Ó fò díẹ̀, ó gbà á lófuurufú, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún balẹ̀. Òfo. Ẹsẹ̀ òsì kan ilẹ̀: kan. Ọ̀tún: méjì. Ó rí i pé nọ́mbà 4 ń jáde bọ̀ wá pàdé òun, ó lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, ó sì yà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí bọ́ọ̀lù tún dé ọwọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wà nílẹ̀. Òsì: kan. Ọ̀tún: méjì. Òsì: mẹ́ta, níwájú eérú, kò kàn án. Ó fi òsì yẹn fò, ó ju bọ́ọ̀lù kọjá létí kípà, ó sì balẹ̀ sínú. Góòlù ni. Ẹni tó bá ka bàtà látìbẹ̀rẹ̀ á sọ pé ẹsẹ̀ mẹ́fà, méje; rẹ́fírì tó mọ̀ ọ́n kà á kàn nawọ́ sí àárín pápá.

Ẹ wá yí díẹ̀ padà nínú rẹ̀. Ká ní ẹsẹ̀ òsì tó kẹ́yìn yẹn tẹ etí eérú: bọ́ọ̀lù di ti kípà, bó tilẹ̀ wọ góòlù. Ká ní ó rí i pé ìlà ti sún mọ́ òun jù, ó wá tún lu bọ́ọ̀lù láti fi ra àyè: ó ti lù ú lẹ́ẹ̀kejì, fírìtíróò ni fún ọ̀tá ní ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ká ní ó gbá bọ́ọ̀lù mú láti ọ̀nà jíjìn, ẹsẹ̀ kẹta bá a ní mítà 8, ó wá gbé ẹ̀kẹrin kalẹ̀ kó tó fò: fírìtíróò náà ni. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló wọ́pọ̀ jù. Kì í ṣe pé ọmọ náà kò mọ òfin, ó gbá bọ́ọ̀lù mú kùtùkùtù ni.

Ká tún ní gbogbo ẹ̀ ló tọ́, ṣùgbọ́n nọ́mbà 6 ti sún sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nínú ilẹ̀ kípà, ó sì na ọwọ́ dí bọ́ọ̀lù náà nígbà tí ó ku kípà nìkan níwájú nọ́mbà 9. Mítà 7. Tó bá jẹ́ pé gìgísẹ̀ kan ló kàn tẹ eérú nígbà tó ń dí i, eré ń lọ.

Nígbàkígbà tí fèrè bá dún lòdì sí ẹgbẹ́ tó ní bọ́ọ̀lù, ẹni tó dì í mú gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kó má dì í mọ́ra, kó má jù ú nù, kó má ní "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ni mo gbé." Ẹni tó bá dá bọ́ọ̀lù dúró máa lọ jókòó ní ìta fún ìṣẹ́jú 2.

Bí ẹ ṣe máa kọ́ wọn

Ẹ to àwọn ọmọ sí ìlà mítà 9. Ẹ máa ju bọ́ọ̀lù sí wọn níkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fò gbà á, kí gbogbo àwọn tó kù sì máa ké e pọ̀: "Òfo! Kan! Méjì! Mẹ́ta!" Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n lu bọ́ọ̀lù. Nígbà tí wọ́n bá ti ń fò ní ẹ̀kẹta láìkọsẹ̀, ẹ fi lílù kan kún un, kí wọ́n sì máa wá ibi tí àwọn ti gbọ́dọ̀ gbá a mú kí ẹsẹ̀ kẹta lè bọ́ síwájú eérú. Ibẹ̀ kì í dọ́gba fún gbogbo ọmọ, ó wà lọ́wọ́ bí ẹsẹ̀ wọn bá ṣe gùn tó. Ẹ fi igi kékeré sàmì sí ti oníkálukú ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rẹ̀, kó má baà tẹ̀ ẹ́.

Rẹ́fírì tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ góòlù ni kó máa wo ìlà, kí ẹnì kejì rẹ̀ tó wà lẹ́yìn àwọn tó ń kọlù máa wo ẹsẹ̀. Tí àríyànjiyàn bá wà, ẹ wo eérú fúnra rẹ̀ kí ẹlòmíì tó gba ibẹ̀ kọjá: ibi tí orí bàtà bá ti kàn án máa ń fi àmì sílẹ̀, eérú díẹ̀ á sì wà lórí bàtà ọ̀hún.